Ìtumọ̀ orúkọ ọmọ wa fún àwọn ẹbí tó wà lókè òkun: báwo ni kí n ṣe kọ ọ́ sábẹ́ àwòrán?

Ìyá_Ìkókó (Ìbàdàn), ọjọ́ Ìṣẹ́gun

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Mo bí ọmọbìnrin ní Sátidé, Sátidé tó ń bọ̀ yìí la ó sọ ọ́ lórúkọ. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin wà ní Amẹ́ríkà, àbúrò mi wà ní Lọ́ńdọ̀nù pẹ̀lú àwọn ọmọ rẹ̀ tí kò gbọ́ Yorùbá tó bẹ́ẹ̀. A fẹ́ fi àwòrán ránṣẹ́ sí gbogbo wọn lórí Wásáàpù, kí ìtumọ̀ orúkọ wà lábẹ́ rẹ̀. Ohun tí mo kọ rèé:

> Ẹ bá wa yọ̀. Aina Mojisola Yetunde Abeke Oluwasindara dé. Ìtumọ̀: ọmọ tí a kì í nà, mo jí sí ọ̀la, ìyá ti padà, ẹni tí à ń bẹ̀, Olúwa ṣì dára.

Ṣé ó tọ̀nà? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi tún un ṣe.

Wúràọlá_Èkó

Ẹ kú ewu ọmọ o! Olúwa á wò ó, á dá a sí. Tí ẹ bá ṣì ń wá orúkọ, ẹ wo Mofiyìnfólúwa tàbí Ìníolúwa. Wọ́n dùn ún pè, òun làwọn tó ń bímọ ládùúgbò wa ń sọ ọmọ báyìí. Àìná ti jẹ́ orúkọ àwọn ìyá àgbà jù.

Ìyá_Ìkókó

Àmín mà, ẹ ṣeun. Orúkọ ti wà nílẹ̀, bàbá ọkọ mi ti sọ ohun tí a ó máa pè é. Ìtumọ̀ tí mo kọ ni mo fẹ́ kí ẹ bá mi yẹ̀ wò. Àìná náà kì í ṣe ohun tí a yàn fún un, òun ló mú un wá.

Ọmọ_Ìjẹ̀bú

Ìtumọ̀ Àìná tí ẹ kọ yẹn tọ̀nà o. Ìyá àgbà mi ń jẹ́ Àìná, ohun tí wọ́n sọ fún wa ni pé wọn kì í na Àìná láti kékeré. À-ì-nà, ẹni tí a kò gbọdọ̀ nà. Mo sì mọ ọkùnrin méjì tó ń jẹ́ Àìná nílé wa, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé obìnrin nìkan ló ń jẹ́ ẹ.

Olùkọ́_Fẹ̀yìntì (Ọ̀yọ́)

Ìyá ìkókó, ẹ kú ewu. Mo fi ọdún 31 kọ́ Yorùbá ní ilé ẹ̀kọ́ girama, ọ̀rọ̀ orúkọ sì ni mo fẹ́ràn jù láti kọ́ àwọn ọmọ.

Pé a kì í na Àìná, mo ti gbọ́ ọ rí, àwọn àgbà ń sọ ọ́ lóòótọ́. Mi ò ní bá ìyá àgbà Ọmọ Ìjẹ̀bú jiyàn pé wọ́n ń dá Àìná sí nílé wọn. Àmọ́ ẹ pe orúkọ náà síta kí ẹ fetí sí ìparí rẹ̀: ná, ohùn ń ròkè. Nínà tí a fi pàṣán ṣe, ohùn rẹ̀ ń rọlẹ̀. Bó bá jẹ́ ibẹ̀ ni orúkọ ti wá, Àìnà là bá máa pè.

Ohun tó ń ṣi ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́nà ni pé wọ́n ń fẹ́ tú gbogbo orúkọ bí ẹni tú ọ̀já. Orúkọ tí a fi sọ ọmọ, ìyẹn àbísọ, gbólóhùn ló wà nínú rẹ̀, ẹ lè tú u. Orúkọ tí ọmọ mú tọ̀run wá, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò ṣeé tú bẹ́ẹ̀. Ìgè mú ẹsẹ̀ ṣíwájú, Dàda mú irun tó ta kókó wá, Òkè wà nínú àpò tí kò bẹ́, Àìná gbé ìwọ́ kọ́rùn. Bí ọmọ náà ṣe wáyé ni ìtumọ̀ orúkọ rẹ̀. Nítorí náà, ẹ má wá ìtumọ̀ Àìná nínú ìwé. Yàrá ìgbẹ̀bí ló wà. Ẹ sọ ohun tí ẹ rí fún àwọn ará òkè òkun.

Ní ti ọkùnrin tó ń jẹ́ Àìná, lọ́dọ̀ tiwa Òjó ni ọkùnrin tó bá gbé ìwọ́ kọ́rùn. Níbòmíràn wọ́n ń sọ takọ tabo ní Àìná. Ibi tí ọmọ bá ti wá ni kí a wò.

Ìyá_Ìkókó

Ẹ ṣeun gan-an sà. Ohun tí a rí rèé. Orí ti jáde, nọ́ọ̀sì tó ń gbẹ̀bí wá sọ fún mi pé kí n má tì mọ́, kí n máa mí fẹ́ẹ́fẹ́ẹ́. Mo rò pé nǹkan ti bàjẹ́ ni. Ìwọ́ ti yí ọmọ lọ́rùn lẹ́ẹ̀mejì. Ó ki ìka méjì bọ abẹ́ rẹ̀, ó fà á rékọjá orí ọmọ, ó tún fà á lẹ́ẹ̀kejì, lẹ́yìn náà ló ní kí n tì. Ọmọ ò ké lójú ẹsẹ̀. Ìyá mi tó dúró sẹ́nu ọ̀nà ló kọ́kọ́ pariwo "Àìná!" kí ọmọ tó ké. Báyìí ni orúkọ náà ṣe dé.

Mi ò ronú pé mo lè kọ ìyẹn sábẹ́ àwòrán. Mo rò pé ìtumọ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ ọ̀rọ̀ kúkúrú kan bíi ti ìwé atúmọ̀ ni.

Délé_Lọ́ńdọ̀nù

Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ kọ ọ́. Èmi ni irú ọmọ tí ẹ fẹ́ kọ̀wé sí yẹn. Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n ti bí mi, mo ti lé ní 20 ọdún kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ bí wọ́n ṣe ń ka Yorùbá. Nígbà tí a wà ní kékeré, gbogbo ọmọ tí wọ́n bá bí nílé, àwòrán á dé, ìtumọ̀ á wà lábẹ́ rẹ̀: Olúwa dára, Olúwa tóbi, ayọ̀ dé. Lójú wa, ọmọ kan náà ni gbogbo wọn. Mi ò lè yà wọ́n sọ́tọ̀ títí tí mo fi wá sílé. Ká ní ẹnìkan sọ ìtàn bíi ti nọ́ọ̀sì yẹn fún mi ni, mi ò bá ti mọ Àìná tiwa láàrin ogún ọmọ.

Ohun méjì ni àwọn ọmọ àbúrò yín máa nílò. Èkíní, bí wọ́n ṣe ń pè é. Tí ẹ bá kọ Oluwasindara láìfi àmì sábẹ́ ṣ, "si" ni wọ́n máa kà, bí wọ́n ṣe máa pè é títí ayé nìyẹn. Ẹ jẹ́ kí Bàbá àgbà pe orúkọ kọ̀ọ̀kan sínú fóònù, kí ẹ fi ohùn wọn ránṣẹ́ tẹ̀lé àwòrán. Èkejì, ta ló sọ orúkọ wo.

Ẹ tún sọ ọjọ́ náà gan-an fún wọn, ẹ má sọ "ọjọ́ kẹjọ" lásán. Mo pàdánù ìsọmọlórúkọ ọmọ ẹ̀gbọ́n mi torí mo ka ọjọ́ mẹ́jọ bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ kejì tí wọ́n bí i. Nílé, ọjọ́ ìbí gan-an ni wọ́n ń kà ní oókan, ọmọ tí wọ́n bí ní Sátidé, Sátidé ni wọ́n ń sọ ọ́ lórúkọ. Ọjọ́ Àìkú ni mo ṣí fóònù mi tí mo jókòó. Wọ́n ti fọ abọ́.

Olùkọ́_Fẹ̀yìntì

Délé, o ṣe é tí o sọ̀rọ̀ yìí. Ìyá ìkókó, ẹ jẹ́ ká wá kan Mojísọ́lá, torí ibẹ̀ ni àṣìṣe tó tóbi jù wà.

Ẹ kọ ọ́ pé mo jí sí ọ̀la, bíi pé ọmọ náà jí sí ọjọ́ kejì. Ọlá ni, kì í ṣe ọ̀la. Ẹ fi súfèé pe orúkọ náà bí onídùndún ṣe máa pè é: Mo-jí-sọ́-lá, re mí mí mí. Kò sí ibi tó ti sọ̀ kalẹ̀ lẹ́yìn tó ti gòkè. Tó bá jẹ́ ọ̀la ló wà níbẹ̀, ìparí rẹ̀ á rọ̀ padà sí re: re mí mí re. Kò sẹ́ni tó ń pè é bẹ́ẹ̀ ní àgbàlá yín. Ẹ tú u sílẹ̀ ní gígùn kí ẹ tó ṣàlàyé rẹ̀: mo jí sí ọlá. "Í" tó wà lára sí ti wọlé, ohùn òkè rẹ̀ ló bọ́ sórí ọ, ìdí tí a fi ń pè é ní sọ́lá nìyẹn.

Ohun tí mo máa ń sọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ni pé kí wọ́n kọ gbólóhùn náà lódidi ná. Tí gbólóhùn náà kò bá bá ohùn orúkọ mu nígbà tí a bá pa á pọ̀ padà, ìtumọ̀ yẹn kọ́. Fọlákẹ́, fi ọlá kẹ́. Ayọ̀délé, ayọ̀ dé ilé. Ẹ ò ní ṣìnà.

Ìbéèrè mi rèé: kí ló dé tí Bàbá fi sọ ọ́ ní Mojísọ́lá? Ọlá wo ni ọmọ jí sí?

Ìyá_Ìkókó

Ẹ̀rù ń bà mí báyìí, mi ò bá ti fi ránṣẹ́! Mo béèrè lọ́wọ́ Bàbá lálẹ́ àná. Wọ́n ní oṣù tó kọjá ni wọ́n fi àwọn jẹ baálé agboolé wọn ní Ọ̀fà, ọmọ yìí sì ni wọ́n kọ́kọ́ bí sílé lẹ́yìn ìyẹn. Ó la ojú sínú ọlá. Gbogbo ìgbà tí wọ́n ń pe orúkọ náà, mi ò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ oyè yẹn ló wà nínú rẹ̀.

Wọ́n tún ní kí n má kọ ọ́ bí owó o. Àbúrò mi ti ń bi mí lórí fóònù bóyá ọlá ni pé ọmọ máa lówó.

Olùkọ́_Fẹ̀yìntì

Bàbá gbọ́n. Ọlọ́rọ̀ lè wà tí kò lọ́lá. Níbi tí ẹ bá ti ń ṣàlàyé, ẹ fi oyè Bàbá ṣe àpẹẹrẹ, ó tán.

Ará_Ìràpadà

Ẹ kú oríire. Èmi fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí Yétúndé. Ẹ yọ "ìyá ti padà" kúrò, ẹ̀gbọ́n yín tó wà ní Amẹ́ríkà lè má fẹ́ràn rẹ̀ tó bá jẹ́ onígbàgbọ́ bíi tèmi. Òkú kì í padà wá. Èmi náà ní ọmọ tó ń jẹ́ Yétúndé, ohun tí a kọ ni pé ó ń rán wa létí ìyá wa. Kò sí ìjà níbẹ̀.

Olùkọ́_Fẹ̀yìntì

Mo bọ̀wọ̀ fún ìgbàgbọ́ yín. Àmọ́ orúkọ ti sọ tirẹ̀: Yèyé tún dé. Ohun tí a bá kọ gẹ́gẹ́ bí ìtumọ̀, ẹ jẹ́ kó jẹ́ ohun tó wà nínú orúkọ. Tí a bá kọ "ó ń rán wa létí," ọmọ á dàgbà, á kọ́ Yorùbá bíi ti Délé, á rí i pé wọ́n fi nǹkan pa mọ́ fún òun. Ẹni tí kò bá gbà pé òkú ń padà wá lè sọ bẹ́ẹ̀ lẹ́nu ara rẹ̀.

Ará_Ìràpadà

Kò sí ohun tí mo fi pa mọ́. Òbí ló ń sọ ọmọ lórúkọ, òbí ló sì mọ ohun tó ní lọ́kàn nígbà tó ń sọ ọ́. Ohun tó wà lọ́kàn mi ni mo kọ.

Alhaja_Ìlọrin

Kí ẹ má bá ara yín jà nítorí ọmọ ọlọ́mọ. Musulumi ni wá, a ní Yétúndé nílé, Áfáà ló sì pè é ní Áíṣà lọ́jọ́ náà. Orúkọ méjèèjì ló ń jẹ́. Ìyá ìkókó, ìgbà wo ni màmá ọkọ yín di olóògbé?

Ìyá_Ìkókó

Ó pé oṣù márùn-ún báyìí mà. Wọ́n mọ̀ nípa oyún náà. Àwọn ni wọ́n ń fi òróró fọwọ́ ra mí lẹ́yìn nígbà tí ó ń dùn mí. Ọmọ yìí ni obìnrin àkọ́kọ́ tí wọ́n bí lẹ́yìn wọn, nílé wọn kì í fo ẹni yẹn. Ọkọ mi ló sọ ọ́ ní Yétúndé. Ẹkún ló ń sun nígbà tó sọ ọ́, mi ò lè bi í bóyá ó gbà pé wọ́n padà wá tàbí kò gbà.

Alhaja_Ìlọrin

Ohun tí ẹ kọ síbí yìí gan-an ni kí ẹ kọ fún wọn, yọ ẹkún ọkọ yín kúrò tí kò bá fẹ́. Ẹ kọ Yèyé tún dé. Ẹ kọ pé oṣù márùn-ún lẹ́yìn tí Màmá lọ ni ọmọ dé, òun sì ni obìnrin àkọ́kọ́. Kí olúkúlùkù fi ìgbàgbọ́ tirẹ̀ kà á.

Ẹ jẹ́ kí n wá fi ọ̀rọ̀ ara mi bá yín sọ̀rọ̀ lórí ohun tí Délé sọ, pé kí ẹ kọ ẹni tó sọ orúkọ. Nígbà tí wọ́n bí ọmọ àbúrò mi, mo wà ní Jẹdá, iṣẹ́ ló gbé mi lọ. Mo fi orúkọ ránṣẹ́, mo fi owó ránṣẹ́ kí wọ́n bá mi sọ ọ́ sínú abọ́ omi bí wọ́n bá ń pe orúkọ tèmi. Àwòrán dé, wọ́n kọ orúkọ mẹ́rin sábẹ́ rẹ̀, tèmi ò sí níbẹ̀. Wọ́n pè é lọ́jọ́ náà o, mo rí i nínú fídíò nígbà tó yá, ẹni tó kọ̀wé ló fò ó. Ó tó ọdún méjì kí n tó lè bá àbúrò mi sọ̀rọ̀ láìronú kàn án. Ẹni tó wà nílé jẹ ìrẹsì, ó gbé ọmọ jó. Ẹni tó wà lókùnkùn ọ̀nà jíjìn, orúkọ yẹn nìkan ni ìpín tirẹ̀ nínú ọmọ. Ẹ má fò ó.

Ìyá_Ìkókó

Áà, Alhaja, ẹ ṣé mà. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi tó wà ní Amẹ́ríkà ló sọ ọ́ ní Oluwasindara, mo sì ti kọ ọ́ sẹ́yìn pátápátá láìdárúkọ wọn. Ẹ bá mi wo ìtumọ̀ rẹ̀. Ṣé "Olúwa ṣì dára" ni àbí nǹkan míì?

Ọmọ_Ìjẹ̀bú

Olúwa ṣì dára. Ó hàn gbangba.

Olùkọ́_Fẹ̀yìntì

Kò hàn sí mi. Láìsí àmì, ó lè jẹ́ dára, ó sì lè jẹ́ dárà. Èyí tí mo mọ̀ jù ni Olúwaṣìńdárà: Olúwa ṣì ń dá àrà. Ṣùgbọ́n orúkọ yìí ní ẹni tó ni ín, ó sì wà láàyè. Kí la fẹ́ máa méfò sí? Ẹ pe ẹ̀gbọ́n yín, ẹ ní kí wọ́n pè é létí yín, kí wọ́n sì sọ ìdí rẹ̀.

Ọmọ_Ọ̀fà

Mo gbọ́ Ọ̀fà, mo sáré wọlé! Ìyàwó wa, ẹ kú ewu. Àbẹ̀kẹ́ tí ẹ kọ, oríkì ni. Ẹ ò gbọdọ̀ dá a kọ lásán. Oríkì gbọ́dọ̀ gùn: Ìyẹ̀rú Òkín, ọmọ Ọlálọmí, ìjàkadì lorò Ọ̀fà, kí ẹ kì í débi tó bá parí sí.

Olùkọ́_Fẹ̀yìntì

Ọmọ Ọlálọmí, oríkì méjì lo lọ́ pọ̀ mọ́ra wọn. Àbẹ̀kẹ́ jẹ́ ti ọmọ náà fúnra rẹ̀, bíi Àjọkẹ́, Àdùkẹ́, Àṣàkẹ́. Èyí tí o kì yẹn jẹ́ ti orílẹ̀, gbogbo ọmọ Ọ̀fà tó bá jẹ́ Ìyẹ̀rú Òkín ló ni ín. Àmọ́ mo fara mọ́ ọn pé kí ìlà kan nínú rẹ̀ wà níbẹ̀. Ọmọ tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù á fi ìlà kan yẹn mọ ilé tí ìbátan rẹ̀ ti wá. Gbogbo oríkì lábẹ́ àwòrán kan ṣoṣo, wọn ò ní kà á.

Ìyá ìkókó, "ẹni tí à ń bẹ̀" kò pé fún Àbẹ̀kẹ́, ẹ ti gé kẹ́ kúrò. À-bẹ̀-kẹ́: ẹni tí a bẹ̀bẹ̀ kí a tó rí i kẹ́. Àwọn kan ní Ọlọ́run la bẹ̀ kó tó fún wa. Àwọn mìíràn ní ọmọ náà là ń bẹ̀, pé kó jẹ́ ká kẹ́ òun. Mo ti gbọ́ méjèèjì lẹ́nu àwọn tó jù mí lọ. Ta ló kọ́kọ́ kì í ní Àbẹ̀kẹ́?

Ìyá_Ìkókó

Ìyá mi ni. Ọdún mẹ́fà ni mo fi wà nílé ọkọ kí n tó lóyún yìí. Mo mọ ẹni tí wọ́n bẹ̀.

Àjàṣẹ́_Lèmi

Ẹ kú ìjíròrò. Ìdílé wa wà ní Àjàṣẹ́ ní Bẹ̀nẹ̀, èdè Faransé ni wọ́n fi ń kọ orúkọ sínú ìwé. Àìná wọn, Aïna ni. Òjó wọn, Odjo ni. Ṣ wọn, ch ni wọ́n ń kọ. Nígbà tí mo fi àwòrán ọmọ mi ránṣẹ́ sí àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi, mo kọ Òjó. Wọ́n bi mí ohun tí orúkọ yẹn jẹ́, orúkọ bàbá àgbà wa ni o! Wọn ò mọ̀ pé Odjo tó wà nínú ìwé tiwọn náà ni. Èwo ni kí n máa kọ sí wọn?

Olùkọ́_Fẹ̀yìntì

Kọ ọ́ bí a ṣe ń kọ ọ́ ní Yorùbá, kí o wá fi kún un pé "òun náà ni Odjo tó wà nínú ìwé yín." Ṣùgbọ́n fi àmì sí i o. Ojo láìlámì, ẹlòmíràn lè kà á bí òjò, ó lè kà á bí ọjọ́, ó sì lè kà á bí ojo tó ń bẹ̀rù.

Délé_Lọ́ńdọ̀nù

Ìyá ìkókó, ní ti àmì: lórí fóònù, ẹ ṣí Gboard, ẹ fi Yorùbá kún èdè rẹ̀. Ẹ tẹ lẹ́tà mọ́lẹ̀ díẹ̀, àwọn àmì á yọ sókè. Tí ẹ bá fẹ́ kí ayàwòrán bá yín kọ orúkọ sára àwòrán gan-an, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò kó tó tẹ̀ ẹ́. Wọ́n tẹ tiwa, gbogbo ibi tó yẹ kí ọ tàbí ẹ tó ní àmì wà, àpótí òfìfo kékeré ló bọ́ síbẹ̀, torí irú lẹ́tà tó lò kò ní wọn. 50 ẹ̀dà la ti tẹ̀.

Wúràọlá_Èkó

Èmi náà ti wá gbọ́ ọ yé báyìí, ẹ má bínú pé mo ń dárúkọ míì. Ẹ jọ̀ọ́ mà, tí ẹ bá tún fẹ́ gbé e sí Fesibúùkù, ẹ má kọ orúkọ rẹ̀ lódidi pọ̀ mọ́ ọjọ́ ìbí àti ilé ìwòsàn síbi tí gbogbo ayé ti lè rí i. Ẹ fi ẹ̀kúnrẹ́rẹ́ rẹ̀ mọ sáàárín ẹbí.

Ìyá_Ìkókó, ọjọ́ Ẹtì

Ẹ̀gbọ́n mi fi ohùn ránṣẹ́ láti Amẹ́ríkà láàárọ̀ yìí. Dárà ni. Wọ́n ní lálẹ́ ọjọ́ tí mo ń rọbí, àwọn ò sùn, ọkọ mi ń kọ̀wé sí wọn. Ó kọ ọ́ pé "ìwọ́ wà lọ́rùn ọmọ," fóònù rẹ̀ bá kú. Ogójì ìṣẹ́jú ni wọ́n fi dúró lórí ìkúnlẹ̀ kí wọ́n tó gbọ́ pé ọmọ ti ké. Ohun tó jáde lẹ́nu wọn nìyẹn: Olúwa ṣì ń dá àrà. Wọ́n pè é lẹ́ẹ̀mẹta nínú ohùn náà, ẹkún sì wà lọ́fun wọn.

Mo ti tún un kọ. Àbúrò mi ló máa túmọ̀ rẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì fún àwọn ọmọ rẹ̀, Yorùbá ni mo fi síwájú. Ẹ wò ó kí n tó fi ránṣẹ́ lọ́la:

> Ọmọ wa rèé, Ìyẹ̀rú Òkín, ọmọ Ọ̀fà.
>
> Àìná ló mú wá látọ̀run. Ìwọ́ yí i lọ́rùn lẹ́ẹ̀mejì, nọ́ọ̀sì fi ìka méjì gbé e kúrò. Ìyá ìyá rẹ̀ ló kọ́kọ́ pè é, kó tó ké.
>
> Mojísọ́lá, mo jí sí ọlá. Bàbá àgbà ló sọ ọ́. Òun ni ọmọ àkọ́kọ́ tó dé lẹ́yìn tí wọ́n fi Bàbá jẹ baálé ní Ọ̀fà.
>
> Yétúndé, Yèyé tún dé. Bàbá rẹ̀ ló sọ ọ́. Oṣù márùn-ún lẹ́yìn tí Màmá lọ ló dé, òun sì ni obìnrin àkọ́kọ́ lẹ́yìn wọn.
>
> Olúwaṣìńdárà, Olúwa ṣì ń dá àrà. Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ obìnrin ló sọ ọ́ láti Amẹ́ríkà, lórí ìkúnlẹ̀, lálẹ́ ọjọ́ tí wọ́n bí i.
>
> Àbẹ̀kẹ́ ni ìyá ìyá rẹ̀ ń kì í: ẹni tí a bẹ̀bẹ̀ kí a tó rí i kẹ́. Ọdún mẹ́fà la fi bẹ̀.
>
> Ẹ gbọ́ ohùn Bàbá nísàlẹ̀, kí ẹ pè é tẹ̀lé wọn.

Ọmọ_Ìjẹ̀bú

Ó dùn. Àmọ́ ìyá àgbà mi ṣì sọ pé wọn kì í na Àìná.

Ìyá_Ìkókó

A ò ní nà án, ẹ̀gbọ́n.

Ará_Ìràpadà

Ẹ fi "Yèyé tún dé" síbẹ̀. Ọ̀rọ̀ mi ò yí padà, ṣùgbọ́n mo rí i pé ẹ kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ tẹ̀lé e. Olúwa á dá a sí fún yín.

Olùkọ́_Fẹ̀yìntì

Àmì wọn pé. Ẹ fi ránṣẹ́. Ṣé aago mélòó ni ìsọmọlórúkọ lọ́la, kí Délé lè bá yín kí àwọn ará Lọ́ńdọ̀nù nílọ̀?

Ìyá_Ìkókó

Aago mẹ́jọ àárọ̀ sà, Sátidé. Mo ti kọ "Sátidé" gbàgàdà sókè àwòrán náà.